Mo da màjẹ́ńtà sínú táǹkì yẹ́lò, àmọ́ ìwé tí mo tẹ̀ dáa: ṣé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Àǹtí Ìwòròkó: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Ìwòròkó-Èkìtì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni mò ń tẹ iṣẹ́ fún. Epson L382 ni pírińtà mi, èyí tí táǹkì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lálẹ́ àná, wọ́n mú iná lọ bí mo ṣe fẹ́ bu íǹkì kún un, ni mo bá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Inú ìgò ńlá la ti máa ń pín íǹkì sínú ìgò kéékèèké, bébà tí mo sì lẹ̀ mọ́ wọn ti bó. Mo da bíi mílílítà 15 sínú táǹkì yẹ́lò kí n tó rí i pé màjẹ́ńtà ni. Yẹ́lò tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò ju ìdajì lọ.

Nígbà tí iná dé, mo tẹ fọ́tò kan láti fi wò ó. Ó jáde dáadáa, kò sí àbùkù kankan! Ṣé ó túmọ̀ sí pé kékeré tó bọ́ sínú rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan? Mo ní fọ́tò pásípọ́ọ̀tù púpọ̀ láti tẹ̀ lọ́la.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́: Àǹtí, ẹ yọ káàtíríìjì yẹn jáde, ẹ ra tuntun. Èmi kì í dà á, wàhálà rẹ̀ pọ̀ jù.

Àǹtí Ìwòròkó: Àbúrò, ti táǹkì ni tèmi, kò ní káàtíríìjì tí èèyàn ń yọ.

Kọ̀ǹpútà Ìdó: Ó rọrùn. Ẹ lọ sí Maintenance lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ Power Ink Flushing. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni pé kó pààrọ̀ gbogbo íǹkì tó wà nínú rọ́bà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn.

Bàbá Ajílosùn: Ẹ dákun, ẹ má tíì ṣe é o! Ẹ pa pírińtà yẹn, kí ẹ yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná.

Ọmọ mi, fọ́tò tó jáde dáadáa yẹn ló fẹ́ tàn ọ́ jẹ. Íǹkì kì í ti inú táǹkì bọ́ sórí bébà lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń gba inú rọ́bà tín-ín-rín kọjá kó tó dé orí ẹ̀rọ tó ń tẹ̀wé, yẹ́lò àtijọ́ ló sì wà nínú rọ́bà yẹn. Òun lo fi tẹ fọ́tò. Èyí tó ti dàrú ṣì wà lẹ́yìn, ó ń bọ̀. Tí o bá bẹ̀rẹ̀ pásípọ́ọ̀tù lọ́la, àwọn tó kọ́kọ́ jáde máa dáa, lẹ́yìn náà ojú àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

Ohun tí Kọ̀ǹpútà Ìdó sọ nípa Power Ink Flushing kì í ṣe irọ́, ó máa ń pààrọ̀ íǹkì inú rọ́bà lóòótọ́. Àmọ́ inú táǹkì ló ti ń fà á. Tí o bá ṣe é nísinsìnyí, íǹkì tó dàrú lo máa fi kún rọ́bà tó ṣì mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló sì máa fa àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tí á da gbogbo rẹ̀ sínú fóòmù tó ń gba ìdọ̀tí íǹkì nísàlẹ̀. Fóòmù yẹn máa ń kún.

Àǹtí Ìwòròkó: Háà! Ẹ ṣé, Bàbá. Mo ti pa á. Báwo ni mo ṣe máa yọ èyí tó wà nínú táǹkì? Ṣé kí n dojú rẹ̀ délẹ̀ ni?

Bàbá Ajílosùn: Rárá, tí o bá dojú rẹ̀ délẹ̀, afẹ́fẹ́ á wọ inú rọ́bà, íǹkì á sì dà sílẹ̀. Lọ ra sìríǹjì mílílítà 20 ní kẹ́míìsì, kí o wá rọ́bà tó rọ̀ tó lè wọ ẹnu rẹ̀. Tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀. Yọ táǹkì kúrò níbi tó fi kọ́ mọ́ ara pírińtà, jẹ́ kó jókòó sórí tábìlì kan náà, má gbé e sókè, má sì fa rọ́bà rẹ̀. Ṣí ìdérí yẹ́lò nìkan, kí o fa íǹkì jáde díẹ̀díẹ̀.

Má fà á tán. Ìsàlẹ̀ ni ihò tí íǹkì ń gbà lọ sí rọ́bà wà. Tí ibẹ̀ bá gbẹ, afẹ́fẹ́ ló máa wọlé. Ṣẹ́ bíi mílílítà 5 kù. Da yẹ́lò tuntun mílílítà 20 sí i, fi sìríǹjì fà á sókè kí o tì í padà kó pòpọ̀, kí o tún fà á jáde títí yóò fi ku 5. Tí o bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan, èyí tó dàrú á ku ìdá kan nínú 5. Lẹ́ẹ̀kejì, ìdá kan nínú 25. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìdá kan nínú 125. Èyí tí o fà jáde, má dà á padà sínú ìgò kankan.

Kọ̀ǹpútà Ìdó: Mo gbà fún Bàbá lórí táǹkì. Àmọ́ mílílítà 60 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odidi ìgò! Èmi máa ń fi omi tí wọ́n ń bù sí bátìrì tí kò ní ásíìdì fọ̀ ọ́, mo wá ń fi íǹkì fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré kẹ́yìn.

Bàbá Ajílosùn: Mo mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Omi tó kù nísàlẹ̀ ni mi ò fẹ́, ó máa ń jẹ́ kí íǹkì ṣàn jù. Fún yẹ́lò, mi ò ní ṣọ́ íǹkì lò. Ká ní yẹ́lò ló kán sínú dúdú, ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ṣùgbọ́n màjẹ́ńtà díẹ̀ báyìí ti tó láti sọ yẹ́lò di àwọ̀ ọsàn.

Ìyá Ìbejì, Ọ̀tun: Ẹ jọ̀ọ́, tèmi ń kọ́? Mo jẹ́ kí sáyàànì lọ sílẹ̀ ju ìlà ìsàlẹ̀ lọ, mo wá ń rí àlàfo nínú rọ́bà. Ìlà funfun sì ń wà lára iṣẹ́ mi.

Bàbá Ajílosùn: Afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́, ìyá. Ẹ bu íǹkì kún un dé ìlà òkè, ẹ má fún ìgò mọ́ ọn, ẹ jẹ́ kó ṣàn fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe Head Cleaning, kí ẹ ṣe Nozzle Check tẹ̀ lé e. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta tí kò yí padà, ẹ pa á fún wákàtí 12, ó kéré tán, kí ẹ tó tún gbìyànjú. Tí ẹ bá ń ṣe é léraléra, íǹkì lẹ kàn ń fi ṣòfò.

Àǹtí Ìwòròkó: Mo ti ṣe é, Bàbá. Ẹ̀ẹ̀mẹta gan-an. Yẹ́lò inú táǹkì ti mọ́. Èyí tó ti wọ rọ́bà díẹ̀ nígbà tí mo tẹ fọ́tò àná ń kọ́?

Bàbá Ajílosùn: Ṣí Word, ya àpótí kan tó kún ojú ìwé, kí o fi àwọ̀ yìí kùn ún:

```
Red 255  Green 255  Blue 0
```

Tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán. Yẹ́lò ló máa lò jù, kò ní fi àwọn yòókù ṣòfò bíi Head Cleaning. Máa to àwọn ìwé náà síra lójú ọ̀sán, kí o máa fi wé ara wọn.

Ohun mìíràn tún nìyí. Nínú ìgò, dúdú, sáyàànì àti màjẹ́ńtà jọra, gbogbo wọn ló ṣú. Yẹ́lò fúnra rẹ̀ máa ń pọ́n bí epo. Má fi ojú mọ̀ ọ́n. Kán ẹyọ kan sórí tíṣù funfun kí o tó dà á.

Àǹtí Ìwòròkó: Mo ti tẹ méje. Ìkíní àti ìkejì mọ́, ìkẹta dé ìkarùn-ún pọ́n díẹ̀, ìkeje ti ń padà sí yẹ́lò, àmọ́ kò tíì dà bí ìkíní. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó máa mọ́ tán. Mo ti sọ fún àwọn tó ni pásípọ́ọ̀tù pé kí wọ́n wá ní ọ̀túnla. Mo ti kán ìgò kọ̀ọ̀kan sórí tíṣù, mo sì fi sẹ́lótéèpù lẹ tíṣù náà mọ́ ara ìgò.