Ọbẹ̀ ata ìkòkò ńlá kọ̀, kò ki

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin alásè, Ìlọrin ni mo wà. Ọbẹ̀ ata tí mo ń sè nílé, ife omi 2 ni mo ń bù sí i, ó sì máa ń ki ní mínítì 40. Mo wá sè é fún ìsọmọlórúkọ, mo sọ gbogbo ẹ̀ di ìlọ́po 10, ife omi 20, wákàtí 2 kọjá ó ṣì ń ṣàn, òróró ò léfòó, ìdí ìkòkò sì ti ń jó. Mo rí i pé ọbẹ̀ yẹn jìn gan-an ṣùgbọ́n ẹnu ìkòkò ò fẹ̀ ní ìlọ́po 10, ibo lomi fẹ́ gbà gbẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n bu ife 8 péré, àbí kí n kọ́kọ́ se ata gbẹ lọ́tọ̀?