Kí la máa pe ojú tí wọ́n pààrọ̀ nínú fọ́tò ìròyìn?

Ẹni tó béèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé ìròyìn kékeré kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní kí n bá wọn kọ òfin iṣẹ́ wọn ní Yorùbá. Kí la máa pe kí èèyàn yọ ojú nínú fọ́tò kan, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ òmíràn? Mo kọ “àtúnṣe ojú”. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣe é rárá. Kí ló dé tí òfin náà fi le tó bẹ́ẹ̀, bó bá jẹ́ ojú ẹni náà gan-an ni?

Nọ́ọ̀sì kan, Ọ̀yọ́: Àtúnṣe ojú kẹ̀? Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Bí ẹ bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tí ojú ń dùn ló máa wá bi yín pé èló ni.

Onífọ́tò, Akẹ̀sán: Èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ìyá ìyàwó dijú nínú fọ́tò tó dára jù, mo mú ojú rẹ̀ látinú èyí tó tẹ̀lé e. Gbogbo ẹbí ló yìn mí.

Olóòtú fọ́tò tó ti fẹ̀yìn tì, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó wà níbi ìgbéyàwó ló ń wo fọ́tò tiyín. Òǹkàwé wa ò sí níbẹ̀; fọ́tò yẹn nìkan ló fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní alága ìjọba ìbílẹ̀ ń ṣí ẹ̀rọ omi. Nínú fọ́tò kẹta, obìnrin kan ń sunkún fún un pé omi náà ò mọ́, alága sì dijú. Nínú ìkẹrin ojú rẹ̀ là, ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹ gbé ojú ìkẹrin sórí ọrùn ìkẹta, alága ti ń fi ẹkún obìnrin náà rẹ́rìn-ín nìyẹn. Ojú rẹ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n lo ìkẹrin bó ṣe wà, tàbí ìkẹta tòun ti ojú dídì.

Irú ẹ̀ ló lé onífọ́tò ìròyìn kan, Brian Walski, lẹ́nu iṣẹ́ ní 2003. Nítòsí Basra ní Íráàkì, ó ya sójà Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń nawọ́ sí àwọn ará ìlú, ó tún ya bàbá kan tó gbé ọmọ dání láàárín wọn. Sójà dára nínú ọ̀kan, bàbá dára nínú èkejì, ló bá kàn wọ́n pọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ya méjèèjì, ibì kan náà ni. Los Angeles Times, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó ń bá ṣiṣẹ́, gbé e jáde. Ẹnì kan ní ìwé ìròyìn Hartford Courant, tí àwọn náà lo fọ́tò ọ̀hún, ló ṣàkíyèsí pé àwọn kan tó wà lẹ́yìn fara hàn lẹ́ẹ̀mejì.

Bí olóòtú bá fura, kó wo ọrùn: òjìji imú lè kọjú sí ọ̀tún kí ti àgbọ̀n kọjú sí òsì. Ẹni tó mọṣẹ́ dunjú lè fi ìyẹn pamọ́ o. Fáìlì tó wá tààrà látinú kámẹ́rà ni kó béèrè, pẹ̀lú fọ́tò tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé e.

Gígé etí fọ́tò, mímú un mọ́lẹ̀ díẹ̀, èyí ni kí ẹ pè ní àtúnṣe. Èyí tí ẹ béèrè, “ojú àyálò” ni mo máa pè é.

Olùkọ́ èdè, Ọ̀yọ́: Ó dùn létí, àmọ́ ọwọ́ ta ni wọ́n ti yá a, nígbà tó jẹ́ ojú ara alága? “Àkànpọ̀ àwòrán” ló tọ́. Bí wọ́n bá sì ti kọ “àkànpọ̀” sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán.

Olóòtú fọ́tò: Kò tíì tán, Olùkọ́. Lóṣù kẹta 2005, ìwé ìròyìn Newsweek gbé orí Martha Stewart, gbajúmọ̀ oníṣòwò obìnrin ní Amẹ́ríkà, lé ara obìnrin mìíràn níwájú ìwé wọn, nígbà tó ń kúrò lẹ́wọ̀n. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé àkànpọ̀ ni. Ẹni tó rí i lórí tábìlì fẹ́ńdọ̀ ò ní ṣí i débẹ̀. Àkànpọ̀ láyè tiẹ̀, bí ẹ ṣe lè gbé orí olóṣèlú lé ọmọ ayò. Kò sẹ́ni tó máa rò pé ó ṣẹlẹ̀. Èyí tó bá jọ ìṣẹ̀lẹ̀, ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán ò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́ nínú ìròyìn. Ní ti ẹni tí wọ́n yá a lọ́wọ́ ẹ̀, ìṣẹ́jú mìíràn ni wọ́n yá a lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé, Bàbá. Ọmọ tí wọ́n fipá bá lò ńkọ́? Ṣé a ò lè bo ojú rẹ̀?

Olóòtú fọ́tò: Òfin Associated Press, ilé iṣẹ́ ìròyìn ńlá ti Amẹ́ríkà, ò gbà kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà bo ojú pàápàá. Ẹ ya ọmọ náà látẹ̀yìn, tàbí kí ẹ ya ọwọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì: Tí fọ́tò tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tó sì kọjú síwájú ńkọ́? Èmi á bò ó o, Bàbá, kí òfin máa bínú.

Olùkọ́ èdè: Ìyẹn á nílò orúkọ tiẹ̀. Ẹ má tíì kọ “ìbòjú” o, aṣọ obìnrin nìyẹn.