Ohun ọ̀ṣọ́ Kérésìmesì tí mo rà ní ẹ̀dínwó: èwo ni kí n fi pamọ́, èwo ni kí n dá padà?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú ọdún o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Lọ́jọ́ kejì Kérésìmesì, ìdajì owó ni wọ́n ń ta ohun ọ̀ṣọ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí mo máa ń lọ. Mo ní sùúrù, mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n sì ti já a wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ohun tí mo kó délé nìyí: okùn iná 4, tí gílóòbù 100 wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀lù ike 36 tí wọ́n máa ń so mọ́ igi Kérésìmesì, àbẹ́là ńláńlá 6, ère onífáànù kan, irú èyí tó máa ń wú sókè lẹ́nu ọ̀nà, àti igi Kérésìmesì àtọwọ́dá kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 180, tí iná ti wà lára rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n páálí rẹ̀ ti ya.

Ilé wa ò tóbi. Àyè tí mo ní kò ju abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ, níbi tí àpótí ike kan ṣoṣo lè wọ̀, àti òkè àjà. Wọ́n fún mi ní ọjọ́ 14 láti fi dá ohun tí mi ò bá fẹ́ padà. Ọjọ́ 5 ti lọ níbẹ̀. Èwo ni kí n mú?

Bọ̀dá Aláṣejèrè:
Ìyá Ìbejì, ẹ má dá nǹkan kan padà. Ohun tí ẹ rà ní ìdá kan nínú mẹ́rin, èrè ni gbogbo rẹ̀. Ẹ wé wọn sínú náílọ́ọ̀nù, ẹ so ó pinpin kí atẹ́gùn má wọ̀ ọ́, ẹ kó wọn sí òkè àjà. Tó bá di oṣù kọkànlá, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ó parí.

Àǹtí Alọ́ṣọ̀ọ́:
Bọ̀dá, ẹ ṣé o. Òótọ́ ni pé owó rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n òkè àjà yẹn lè ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ kí ọdún tó yípo. Ìgbà ooru ni ẹ rò mọ́ ọn. Nígbà tí oòrùn bá ń pa òrùlé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ooru abẹ́ rẹ̀ lè kọjá 50 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Àbẹ́là á tẹ̀, á lẹ̀ mọ́ra. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun bọ́ọ̀lù olówó pọ́ọ́kú á rọ̀, á sì lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù kejì. Ẹ bá tún so náílọ́ọ̀nù pinpin, tí ọ̀rinrin díẹ̀ sì ti wà nínú rẹ̀, kò ní rí ibi gbà jáde. Ohun aláṣọ á bu.

Iṣẹ́ ilé ṣíṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ni mo fi ń jẹun. Okùn iná ni ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ló níye jù nínú ohun tí ẹ rà, òun náà ló sì rọrùn jù láti fi tan ènìyàn jẹ. Ẹ má fi í sínú páálí di ọdún tó ń bọ̀. Lálẹ́ òní, ẹ tú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ gbọọrọ, ẹ tàn wọ́n fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì wà nítòsí wọn. Ìṣẹ́jú kan kò tó. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, wọ́n á dára, tí wáyà bá gbóná díẹ̀ tán ni ibi tí wọn ò jó pọ̀ dáadáa á já. Ẹ rọra mi wáyà nídìí púlọ́gì àti nídìí àpótí kékeré tó ń dín agbára iná kù. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ dá a padà.

Lẹ́yìn náà, ẹ tò wọ́n síra, kí ẹ wo àwọ̀ wọn. Funfun kan wà tó rẹ̀ dòdò bí iná àbẹ́là, òmíràn sì mọ́ gbòò, ó ń sún mọ́ búlúù. Orúkọ “funfun” kan náà ló lè wà lórí páálí méjèèjì tí ẹ kò bá fara balẹ̀ kà á. Tí ẹ bá pa wọ́n pọ̀ sórí igi kan, ojú á rí i pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń ra iye tí mo nílò lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kò dájú pé irú rẹ̀ gan-an á wà lọ́jà lọ́dún tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu okùn ilé iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ti ilé iṣẹ́ mìíràn.

Ọmọ Ọ̀rẹ́:
Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ní okùn iná àtijọ́ kan tí ìdajì rẹ̀ kì í tàn mọ́. Ṣé bí mo ṣe máa tún un ṣe lẹ ń sọ?

Àǹtí Alọ́ṣọ̀ọ́:
Rárá, ọmọ mi, Ìyá Ìbejì ń bèèrè ohun tó yẹ kó fi pamọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ kò jìnnà sí i. Lára ọ̀pọ̀ okùn iná, wọ́n máa ń so gílóòbù ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, tí iná á fi gba inú ọ̀kan bọ́ sí èkejì. Bí ọ̀kan bá tú tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dápàá, gbogbo ẹgbẹ́ yẹn lè kú, ìyókù á sì máa tàn. Yọ púlọ́gì rẹ̀ kúrò lára ògiri ná, kí o wá tẹ gílóòbù apá tó kú wọlé níkọ̀ọ̀kan, kí o sì wo èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ̀. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n lẹ̀ pa, tí gílóòbù rẹ̀ kì í yọ, má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu.

Màmá Àgbà:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ jẹ́ n sọ ti èmi. Mo ra irú ère onífáànù yẹn lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ní ẹ̀dínwó náà ni. Òjò pa á lọ́jọ́ tí mo fẹ́ ká a nílẹ̀, mo fi aṣọ nù ún lóde, mo sì rò pé ó ti gbẹ. Nígbà tí mo tú u lọ́dún kejì, òórùn rẹ̀ kò ṣe é gbé wọnú ilé, àmì dúdú dúdú sì ti bo gbogbo inú aṣọ náà. Fáànù rẹ̀ ń kùn, kò sì lè gbé e dìde mọ́. Inú rẹ̀ ni omi wà, kì í ṣe òde. Ẹni tó bá fẹ́ pa á mọ́ ní láti fẹ́ ẹ sínú ilé gbígbẹ fún odidi ọjọ́ kan kó tó ká a. Èmi ò lè rà á mọ́.

Mo tún ní ilé kékeré oníbátìrì kan. Mo gbàgbé bátìrì sínú rẹ̀. Ohun funfun bí iyọ̀ ti jáde lára rẹ̀, ó jẹ irin tó wà níbẹ̀. Ọmọ mi fi òwú tó rẹ sínú fínígà nù ún, ó ṣì tàn, ṣùgbọ́n orí ló yọ ọ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun mà, Màmá Àgbà. Mo ti ṣe bí Àǹtí ṣe wí. Okùn iná méjì dára pátápátá. Ẹ̀kẹta tàn fún bí ogójì ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ìdajì rẹ̀ kú. Ẹ̀kẹrin ń tàn, ṣùgbọ́n ó mọ́ gbòò, ti àwọn tó kù sì rẹ̀ dòdò. Mo wo páálí: orúkọ kan náà, àwòrán kan náà, àlẹ̀mọ́ kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ díẹ̀, nítorí gílóòbù 400 ni mo rò pé mo rà.

Àǹtí Alọ́ṣọ̀ọ́:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ dá ẹ̀kẹta padà láìjáfara. Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá ní fèrèsé tàbí àkàbà tí ẹ lè fi í sí lóun nìkan, ẹ mú un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí òun náà padà. Ẹ yẹ páálí wò bóyá wọ́n gbà á láyè níta, nítorí iná inú ilé tí òjò bá pa léwu. Àwọn tó kù, ẹ má fi ìgbọ̀nwọ́ wé wọn. Ẹ gé kádíbọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ, ẹ dá ihò sí etí rẹ̀ méjèèjì, ẹ wé wáyà mọ́ ọn láìfà á le, kí púlọ́gì wà lókè. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ dán an wò sí ara rẹ̀.

Ní ti bọ́ọ̀lù, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù díẹ̀ ra mẹ́ta nínú wọn. Bí àwọ̀ bá jáde sí aṣọ, wọn ò ní pẹ́. Ẹ fa irin kékeré orí wọn náà; bó bá yọ wẹ́rẹ́, á já bọ́ lórí igi. Bí wọ́n bá yege, ẹ fi wọ́n sínú àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì fi bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ là wọ́n láàárín. Ẹ má lo ìwé ìròyìn, nítorí yíǹkì rẹ̀ máa ń ràn mọ́ ohun tó mọ́.

Àbẹ́là mẹ́fà yẹn, ẹ máa tàn wọ́n láàárín ọdún. Ère onífáànù, Màmá ti sọ̀rọ̀ tán lórí rẹ̀.

Bọ̀dá Aláṣejèrè:
Mo gbọ́, mo sì gba ti òkè àjà yẹn. Ṣùgbọ́n igi ńkọ́? Igi tó ní iná lára, owó tí wọ́n ń tà á ní oṣù kejìlá kì í ṣe kékeré. Èmi á mú un.

Àǹtí Alọ́ṣọ̀ọ́:
Igi ni mo ń bẹ̀rù jù, bọ̀dá. Iná tó wà lára rẹ̀ sábà máa ń kú kí ewé rẹ̀ tó bàjẹ́, yíyọ rẹ̀ kúrò sì lè gba odidi ọjọ́ kan. Igi lásán ni èmi máa ń rà, tí mo fi ń wé iná mọ́ ọn fúnra mi. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo rú òfin ara mi, mo kábàámọ̀ rẹ̀ ní ọdún kejì.

Bọ̀dá Aláṣejèrè:
Tèmi ti lo ọdún mẹ́fà, gílóòbù kan kò tíì kú lára rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti to igi náà sí pálọ̀. Ọgbọ́n kan tí mo rí kọ́ nìyí: páálí tó ya yẹn, nǹkan kan ti jáde nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ìdè kan ṣoṣo tó yẹ kó di òpó rẹ̀ mú kò sí níbẹ̀. Iná rẹ̀ tàn dáadáa. Ọkọ mi ní òun lè rí ìdè tó bá ihò náà mu, ó ti gbé òpó náà lọ wọ̀n. Okùn iná ẹ̀kẹta àti ère onífáànù máa padà lọ lọ́la. Okùn iná ẹ̀kẹrin ti gba orí àkàbà. Ti igi, mo fún un ní ọjọ́ mẹ́ta láti fi wá ìdè. Bí kò bá rí i, èmi fúnra mi á gbé e padà kí ọjọ́ 14 tó pé.

Àǹtí Alọ́ṣọ̀ọ́:
Ẹ jẹ́ kí iná orí igi náà wà ní títàn fún wákàtí mẹ́ta náà o, kí ẹ tó pinnu.