Yẹ́lò káàdì tèmi àti ti màmá mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Tàíwò: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti màmá mi, ẹni ọdún 68, ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Gúúsù Áfíríkà. Àárọ̀ ọjọ́ 12 oṣù Kẹta la máa gúnlẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ni mo gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Wọ́n lu òǹtẹ̀ sí káàdì mi, ṣùgbọ́n ibi tí dókítà máa fọwọ́ sí ṣófo. Ti màmá, 2013 ni wọ́n gún un, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé 2023 ló máa parí. Kí ni kí n ṣe?

Kọ́lá Èkó: Màmá gbọ́dọ̀ gba òmíràn o. Ọdún 10 ni agbára ẹ̀. Nígbà tí tèmi parí ní 2015, ṣe ni mo lọ gba tuntun. Tiyín kò ní wàhálà, òǹtẹ̀ ni wọ́n ń wá.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Kọ́lá, bó ṣe rí ní 2015 lo sọ yẹn. Láti ọjọ́ 11 oṣù Keje 2016, abẹ́rẹ́ kan ti tó fún gbogbo ayé ẹni lábẹ́ òfin ìlera àgbáyé, àwọn káàdì tí wọ́n kọ ṣáájú ọjọ́ náà sì wà nínú ẹ̀. 2023 tó wà lára ti màmá kò ní agbára mọ́. Ìyá Tàíwò, ẹ má fi báírò pa á rẹ́ o, ẹ má sì kọ ohunkóhun lé e. Káàdì tí wọ́n bá ti tún nǹkan kọ lára ẹ̀, wọ́n lè kọ̀ ọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tún màmá gún. Kòkòrò ààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, dókítà sì máa ń rò ó dáadáa kó tó fún ẹni tó ti lé ní 60. Òótọ́ ni pé ẹni tó ń gbà á fún ìgbà àkọ́kọ́ lewu ọ̀hún pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n kí la tún fẹ́ gún màmá fún?

Tiyín gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni káàdì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Ẹ gba tiyín lọ́jọ́ 4, ọjọ́ 14 ló bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá gúnlẹ̀ lọ́jọ́ 12, bí ẹni tí kò ní káàdì lẹ rí lójú wọn. Wọ́n lè dá yín padà, tàbí kí wọ́n dá yín dúró títí káàdì á fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ rántí oṣù Kẹta 2012, nígbà tí wọ́n dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà níbẹ̀ lórí káàdì yìí kan náà, tí àwa náà ń dá tiwọn padà, kí wọ́n tó wá tọrọ àforíjì.

Òǹtẹ̀ kò sì lè dípò ìfọwọ́sí. Dókítà tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó láṣẹ ló gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́. Ẹ padà síbẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Èmi ò mọ gbogbo ìyẹn o. Ẹnì kan ta káàdì fún mi lójú ọ̀nà, kò gún mi rárá. Mo ti fi kọjá ẹnubodè lẹ́ẹ̀mẹta. Wọn kì í wò ó, owó ni wọ́n ń wò.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Ìyá wa, ẹ wo ibi tó yẹ kí orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe oògùn àti nọ́ńbà ara ìgò ẹ̀ wà. Ó ṣófo, àbí? Ẹni tó bá fẹ́ wò ó dáadáa, ibẹ̀ lojú ẹ̀ máa ń lọ lẹ́yìn tó bá ti fi orúkọ wé pásípọ́ọ̀tù. Ibà náà kò sì mọ̀ pé ẹ ra káàdì.

Ìyá Ẹlẹ́ja: Ó ṣófo lóòótọ́.

Ìyá Tàíwò: Ẹ ṣeun, mà. Mo padà lọ, dókítà ti fọwọ́ sí i. Ó kọ́kọ́ ní kí n fọwọ́ sí i fúnra mi, mo kọ̀. Mo ti sún ìrìnàjò síwájú: a máa gbéra l'Ékòó lálẹ́ ọjọ́ 13, a ó gúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ 14. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Kọ́lá Èkó: Àwọn tó ń gba ẹrù ní pápákọ̀ òfurufú l'Ékòó máa sọ pé ọjọ́ 13 lónìí. Àti pé ti màmá jẹ́ ti àtijọ́, kò ní àmì onígun mẹ́rin tí wọ́n ń fi fóònù yẹ̀ wò bíi ti tuntun.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì: Ọjọ́ tí ẹ gúnlẹ̀ ni wọ́n ń kà lọ́hùn-ún, nítorí náà ọjọ́ 14 bófin mu. Ṣùgbọ́n Kọ́lá kò parọ́, ẹni tó wà nídìí káńtà lè má fẹ́ ṣe ìṣirò. Tó bá jẹ́ èmi, ọjọ́ 15 ni mo máa gúnlẹ̀. Ti àmì yẹn, ọ̀rọ̀ Nàìjíríà níbí nìyẹn, kì í ṣe pé káàdì ti parí. Ẹ gbé ti màmá lọ sí ọ́fíìsì ìlera tó wà ní pápákọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n á lè kọ ọ́ sórí tuntun pẹ̀lú ọjọ́ 2013 yẹn.

Ìyá Tàíwò: Owó tí wọ́n tún fẹ́ gbà láti yí i sí ọjọ́ 15 kò kéré o. Mo ń lọ sí pápákọ̀ lọ́la nítorí ti màmá, mo máa béèrè ti ọjọ́ 14 lọ́wọ́ wọn níbẹ̀ kí n tó sanwó.