"Ọjọ́rere" kọ́ ni Bonjour: ọ̀rọ̀ lórí káàdì ṣọ́ọ̀bù kan ní Àgbádárìgì

ÌBÉÈRÈ:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Màmá mi ń ta àdìrẹ àti adùn àgbọn ní Màrínà, nítòsí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́. Àwọn tó ń bọ̀ láti Kútọnu àti Àjàṣẹ́ máa ń yà síbẹ̀. Mo fẹ́ kọ káàdì kékeré kan sórí káńtà, Faransé lápá kan, Yorùbá lápá kejì. Ẹnìkan nínú yín ní kí n kọ "ọjọ́rere" fún Bonjour, kí n kọ "ìdérere" fún Bonne arrivée. Ṣé ó tọ́? Kí ni kí màmá mi sì máa sọ gan-an láti kí wọn àti láti dúpẹ́?

OLÙKỌ́ FẸ̀YÌNTÌ, ÌKÒRÒDÚ:
Ọmọ mi, má kọ "ọjọ́rere" síbẹ̀ rárá. "Rere" yẹn ni gbogbo àṣìṣe náà. Ẹni tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí rí "bon", ó rántí pé "dára" ni ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìwé, ló bá so ó mọ́ ọjọ́. Ta ló wọlé tọ àgbà Yorùbá kan lọ rí tó ní "ọjọ́rere"? Bí ìyá mi bá gbọ́ ọ, á ní ọjọ́ ìgbéyàwó ta ni wọ́n ń dá.

"Kú" la ní. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú àbọ̀. Iṣẹ́ tí "kú" ń ṣe níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ fún wa ni "bon" àti "bonne" ń ṣe lẹ́nu àwọn ará Kútọnu. Ẹ wo Bonne arrivée náà. "Bienvenue" ni ará Párísì máa ń fi kí àlejò tó bá dé. Ìhà tiwa níbí ni Bonne arrivée ti gbilẹ̀, torí pé èdè ilé àwọn tó ń sọ ọ́ ti ní ìkíni tó dá lórí àbọ̀ kí Faransé tó bá wọn. Tí ìyá rẹ bá sọ ọ́, ìkíni ilé ni oníbàárà yóò gbọ́. Kọ "Ẹ káàbọ̀" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó parí.

Ní ti Bonjour, àsìkò ló ṣe pàtàkì. Títí di ọ̀sán gangan ni wọ́n ń sọ ọ́ ní Kútọnu. Tí aago méjìlá bá ti kọjá, Bonsoir ni, oòrùn ì báà ṣì máa ta. Nítorí náà Bonjour bá "ẹ káàárọ̀" mu, Bonsoir sì kó "ẹ káàsán," "ẹ kú ìrọ̀lẹ́" àti "ẹ káalẹ́" pọ̀. Bí màmá rẹ bá sọ Bonjour ní aago mẹ́ta, wọn ò ní bínú, ṣùgbọ́n ẹ óò gbọ́ pé Bonsoir ni wọ́n fi dáhùn. Kí òun náà yáa yí i padà.

ỌMỌ ÈGÙN, ÀGBÁDÁRÌGÌ:
Ọ̀rọ̀ olùkọ́ wọlé. Àmọ́ ẹ má gbàgbé wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́ ló gbọ́ Ègùn ju Faransé lọ. Kí màmá kọ́kọ́ sọ "Mì kúàbọ̀" ná, kó wo ojú wọn. Tí ẹ̀rín bá yọ, Faransé lè dúró ná.

OLÙKỌ́ FẸ̀YÌNTÌ, ÌKÒRÒDÚ:
Ṣé ẹ rí i? Kúàbọ̀! "Kú" wa àti "àbọ̀" wa náà ni ẹ yá.

ỌMỌ ÈGÙN, ÀGBÁDÁRÌGÌ:
Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ìyá ìyá mi kò yá nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Inú ilé la bá a.

ALÁṢỌ Ẹ̀PẸ́:
Èmi ò mọ gírámà yín o. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Àwọn obìnrin mẹ́ta láti Kútọnu wọlé ra áńkárá lọ́dọ̀ mi ní nǹkan bí aago méje alẹ́. Mo rò pé mo gbọ́ Faransé, mo rẹ́rìn-ín, mo ní "Bonne nuit, Madame!" Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ara wọn, ọ̀kan ti ń yíjú padà. Wọ́n rò pé mo ti fẹ́ tilẹ̀kùn. Ọmọkùnrin tó gbé wọn wá ló là mí lóye pé "ó dàárọ̀" ni mo sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyẹn.

AKẸ́KỌ̀Ọ́ ÈDÈ, ÌKÒRÒDÚ:
Ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ìṣòro ńlá kan wà tí ẹ fò. Kò sí "ẹ" nínú Merci! "O ṣé" àti "ẹ ṣé" ò rí bákan náà fún wa. Tí ìyá kan bá sọ Merci lásán fún àgbà, ó ti rí i fín. "Merci à vous" ló gbọ́dọ̀ máa sọ nígbà gbogbo, torí "vous" ni "ẹ" tiwọn.

OLÙKỌ́ FẸ̀YÌNTÌ, ÌKÒRÒDÚ:
Òtítọ́ ni pé Merci kò ní "ẹ", ṣùgbọ́n ibi tí o gbé ọ̀wọ̀ náà sí kò tọ́. Orúkọ tó tẹ̀lé e ló ń gbé ọ̀wọ̀: Merci, Madame, Merci, Monsieur. Fún àgbà, wọ́n ń sọ Maman àti Papa ní Kútọnu, bí àwa náà ṣe ń pe ẹni tí kò bí wa ní màmá. "Merci à vous" ní àyè tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi oníbàárà kan ṣe é. Ó wọlé ní aago méjì, màmá ní "Bonsoir, Madame. Bonne arrivée." Ó ra adùn àgbọn, ó sanwó, màmá ní "Merci, Madame." Bí oníbàárà bá ti ṣáájú sọ Merci nígbà tó gba ọjà, ìgbà yẹn ni màmá á ní "Merci à vous", ìyẹn "ẹ̀yin gan-an lẹ ṣeun". Tó bá ń lọ: "Bonne route", tí í ṣe "ó dàbọ̀" fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Ìwọ tó ní kó máa sọ "Merci à vous" nígbà gbogbo, á dà bí ẹni tó ń dáhùn ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

"De rien" náà, ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́dàá ọ̀rọ̀ wa túmọ̀ rẹ̀ sí "láti inú òfo". "Kò tọ́pẹ́" ni.

Ẹnu wa sì ti mọ ìró "bon" tẹ́lẹ̀: "bọn" inú "ìbọn" ni, ahọ́n kì í kan òkè ẹnu níbẹ̀. Ohun tí mo ń rí tí wọ́n ń kọ ni "bóń", bí ẹni pé "ń" dá dúró. Ọ̀tọ̀ sì ni "bonne": ẹ gbọ́ "n" rẹ̀ dáadáa, ó lẹ̀ mọ́ "arrivée".

AKẸ́KỌ̀Ọ́ ÈDÈ, ÌKÒRÒDÚ:
Mo gbà lórí "à vous". Ṣùgbọ́n "mẹ́sì" ni mo ṣì máa kọ, òkè kí ìsàlẹ̀ tó tẹ̀lé e, bíi "tíṣà" àti "sọ́jà".

OLÙKỌ́ FẸ̀YÌNTÌ, ÌKÒRÒDÚ:
Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni "tíṣà" ti wá, Gẹ̀ẹ́sì ló gbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sókè. Ìparí ni Faransé ń gbé sókè. "Mẹsí" ni.

ẸNI TÓ ṢẸ̀DÁ Ọ̀RỌ̀ NÁÀ, Ẹ̀PẸ́:
Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ní "kú", "kú", ṣé kò sí ọmọdé tó máa rí i lórí káàdì kó rò pé ikú ni? Òkè ni àwọn méjèèjì. Àwọn àgbà tó bí wa kò kọ̀ ká dá ọ̀rọ̀ tuntun. "Rere" kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni.

OLÙKỌ́ FẸ̀YÌNTÌ, ÌKÒRÒDÚ:
Mélòó nínú ọmọ yín ló ti sunkún nítorí pé ẹ ní "ẹ kú iṣẹ́" fún bàbá rẹ̀?

ẸNI TÓ BÉÈRÈ:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pa "ọjọ́rere" rẹ́, mo kọ "Ẹ káàbọ̀" sí ẹ̀gbẹ́ Bonne arrivée, mo kọ "Mì kúàbọ̀" sókè wọn. Màmá ní Madame ò lè jẹ́ kó gbàgbé Merci. Àmọ́ ó ń pè é ní "mẹ́sì", mi ò sì tíì lè yí i padà.