Àbọ̀: orin tó ń yí po nínú géèmù mi

Ìbéèrè mi: “Orin abẹ́ géèmù mi jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40, ó sì ń yí po. Kí ló dé tó fi ń tètè sú àwọn tó ń gbá a?”

Ẹ ṣeun o. Ìmọ̀ràn pé kí n tú orin náà sí fáìlì mẹ́ta ló yanjú rẹ̀. Ìlù jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 40, dùùrù 52, fèrè 68, kálukú sì ń yí po fúnra rẹ̀. Wọn kì í ṣìnà fún ara wọn, torí ìlọ́po ìṣẹ́jú-àáyá 4 ni gígùn kálukú, ó sì ju wákàtí méjì lọ kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó tún jọ bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Fèrè wá ń dákẹ́ ju bó ṣe ń dún lọ. Mo rò pé ìyẹn gan-an ló tu etí lára jù.

Ẹni tó ní kí n kàn dín ohùn rẹ̀ kù rí i dé ààbọ̀: ariwo dínkù, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń dá orin náà mọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ ń dákẹ́ díẹ̀ kó tó yí, MP3 ló fà á, ó máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ kún ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì. Lo OGG.

Ìró owó wúrà ló kù. Bí mo bá ń mú ohùn rẹ̀ tín-ín-rín tàbí kíki kó má baà súni, kì í bá orin mu mọ́.