Ọ̀gì gbígbẹ tuntun: bó burú bó dára, èrè wà nínú ìṣirò mi. Ṣé kí n yá owó?

Ìyá Ọlọ́gì, Abẹ́òkúta

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta ọ̀gì tútù, mo wá fẹ́ gbé ọ̀gì gbígbẹ jáde, gíráàmù 500 nínú náílọ́ọ̀nù, fún àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì Abẹ́òkúta àti Ṣàgámù. Ìwé NAFDAC ti jáde, mo sì ti ra ẹ̀rọ tí yóò máa gbẹ ẹ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fẹ́ yá mi ní ₦1,500,000 tí mo máa fi ṣe owó òwò, àmọ́ akọ̀wé wọn ní kí n kọ́kọ́ mú ìṣirò ọ̀nà mẹ́ta wá: bó bá dára jù, bó ṣe yẹ kó rí, àti bó bá burú jù.

Ohun tí mo kọ rèé. Ẹyọ kan ₦1,000 fún àwọn ìsọ̀. Àgbàdo inú rẹ̀ ₦350. Epo jẹnẹrétọ̀, náílọ́ọ̀nù àti ọkọ̀ ₦300. Ó ku ₦350. Owó ilé àti ti òṣìṣẹ́ méjì jẹ́ ₦280,000 lóṣù, bí mo tà, bí n kò tà. Bó ṣe yẹ kó rí, mo máa ta 1,200 lóṣù, èrè ₦140,000. Bó bá dára jù, 2,000, èrè ₦420,000. Fún èyí tó burú jù, mo yọ ìdá kan nínú márùn-ún kúrò lára 1,200, ó ku 960, èrè ṣì jẹ́ ₦56,000. Nígbà tí èrè wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣé kí n gba owó náà?

Ọmọ Ìkòròdú

Ẹ gbà á, Màmá. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ọ̀kan: ẹ sọ èyí tó wà láàrin di ìlọ́po mẹ́rin, ẹ ro méjì tó kù mọ́ ọn, kí ẹ wá pín gbogbo rẹ̀ sí 6. Tiyín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦173,000 lóṣù. Èrè gidi nìyẹn.

Ìyá Alágbo, Ìlọrin

Ẹ̀rọ yẹn, ṣé gáàsì ló ń jẹ ni àbí iná? Mo ń wá irú ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àwọn onísúpámákẹ́ẹ̀tì o. Nígbà tí mo gbé zobo inú ike jáde, oṣù kìíní, gbogbo ìsọ̀ ló gbà á, mo ń jó. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó tún pè mí. Ọjà mi ṣì wà lórí pákó wọn, ẹ̀yìn ìgbà tó bà jẹ́ ni wọ́n dá a padà fún mi.

Akáwó Àgbà

Màmá, ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ìṣirò Ọmọ Ìkòròdú wúlò fún ẹni tó ń gbé ọjà púpọ̀ jáde, tí èyí tó jèrè yóò gba èyí tó pàdánù sílẹ̀. Ọjà kan ṣoṣo ni tiyín.

Èyí tí ẹ pè ní burú jù yẹn, èyí tó wà láàrin ni ẹ gé lórí díẹ̀. Iye tí ẹ máa tà nìkan lẹ dín kù, gbogbo nǹkan tó kù dúró bó ṣe wà. Ọjà kì í burú báyẹn. Ẹ kọ́kọ́ ro ohun tó lè ṣẹlẹ̀, kí ẹ tó kọ iye sí i. Ẹ jẹ́ ká ní oṣù Karùn-ún lẹ bẹ̀rẹ̀, àgbàdo tuntun ò tíì jáde, ti ọdún tó kọjá ń tán lọ. Àgbàdo yín kúrò ní ₦350, ó di ₦525. Lákòókò kan náà, ohun tó ṣe Ìyá Alágbo ṣe yín: ìsọ̀ gbà á lẹ́ẹ̀kan, wọn ò pè yín mọ́, ẹ wá ń ta 700. Ẹyọ kan wá ku ₦175, ẹ sì ń pàdánù ₦157,500 lóṣoṣù. Burú jù nìyẹn.

Ìbéèrè kan: ìgbà wo ni àwọn ìsọ̀ yẹn máa sanwó?

Ìyá Ọlọ́gì

Wọ́n ní ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn tí ọjà bá wọlé. Ṣé ìyẹn náà kan ìṣirò ni? Èrè mi ò kúkú yí padà.

Akáwó Àgbà

Ibẹ̀ gan-an ló wà, Màmá. Èrè ò yí padà lóòótọ́, owó ọwọ́ yín ló máa tán. Ẹ mú èyí tó dára jù. Kí ẹ tó lè ṣe 2,000, ẹ máa ná ₦1,300,000 sórí ọjà, ẹ tún fi ₦280,000 kún un. ₦1,580,000 ti jáde lóṣù kìíní, kọ́bọ̀ ò tíì wọlé. Owó tí ẹ yá ò tó oṣù kan. Èyí tó wà láàrin ń gba ₦1,060,000 lóṣù, oṣù kejì lòun ń dákú. Èyí tí ẹ̀ ń gbàdúrà fún ló máa kọ́kọ́ dá yín dúró. A ò sì tíì ka owó ẹgbẹ́ tí ẹ máa máa san padà.

Bó bá jẹ́ èmi ni, ìdajì ọjà ni mo máa gbé fún súpámákẹ́ẹ̀tì. Ìdajì tó kù, màá fún àwọn alátùntà ní ₦950, owó lọ́wọ́. Lórí 1,200, ẹ máa yọ ₦490,000 nínú owó tí ẹ yá lóṣù kọ̀ọ̀kan fún oṣù méjì. Láti oṣù kẹta, bí owó ìsọ̀ ti ń wọlé, ₦110,000 á máa ṣẹ́ kù fún yín. Bó bá sì burú bí mo ṣe kọ ọ́ yẹn, owó náà á gbé yín dé oṣù kẹrin, ti karùn-ún ni kò ní tó. Ẹ ní àyè láti dáwọ́ dúró nìyẹn.

Ọlọ́jà Bódìjà

Mi ò fara mọ́ gbogbo ẹ̀. Bí àgbàdo bá wọ́n, gbogbo ọlọ́gì ló máa fowó lé e, òun náà á fowó lé tiẹ̀. Kí ló dé tí ₦1,000 dúró gbagidi nínú ìṣirò yín?

Akáwó Àgbà

Ọlọ́gì tútù lè fowó lé e láàárọ̀ ọ̀la. Pẹ̀lú súpámákẹ́ẹ̀tì, ó dọwọ́ ohun tí wọ́n jọ kọ. Àwọn kan máa ń fẹ́ ìwé tuntun kí iye tó yí padà. Mi ò rí ìwé tiwọn.

Ìyá Ọlọ́gì

Wọn ò kọ nǹkan kan nípa ìyẹn, màá béèrè. Àwọn alátùntà ńkọ́? Àwọn tí mo mọ̀, àwìn làwọn náà ń gbà, tí wọ́n á ní ó di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀.

Akáwó Àgbà

Ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ ṣì yá ju ọgọ́ta ọjọ́ lọ. Ẹ fi àwìn ọ̀sẹ̀ kan ṣe ìṣirò náà, kí ẹ wò ó.

Ẹ kọ nǹkan méjì sínú ìwé tí ẹ máa mú lọ fún akọ̀wé. Àkọ́kọ́, iye ìsọ̀ tó béèrè ọjà lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ má ka ti àkọ́kọ́ sí títà, wọ́n kàn fi kún pákó wọn ni. Èkejì, iye àgbàdo: pẹ̀lú ìdajì-ìdajì yẹn, bí ti inú ẹyọ kan bá ti kọjá nǹkan bíi ₦440, 1,200 ò lérè mọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ náà kí ọjọ́ náà tó dé: ṣé ẹ máa fowó lé e ni, àbí ẹ máa padà sí ọ̀gì tútù títí àgbàdo tuntun á fi jáde.

Ìyá Alágbo, Ìlọrin

Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Gáàsì ni àbí iná?

Ìyá Ọlọ́gì

Gáàsì ni, àǹtí mi. Mi ò tilẹ̀ fi owó gáàsì náà sínú ₦300 yẹn. Mò ń padà lọ tún un ṣe.